Màmá Tútù àti Rédíò Inú Ṣọ́ọ̀bù Títì

Ọwọ́ Màmá Tútù kì í gbóná. Ẹni tó bá bọ̀ ọ́ lọ́wọ́ láàárọ̀ á tètè fa ọwọ́ tirẹ̀ padà, á ní, "Ẹ̀yin ìyá yìí, ṣé inú fíríìsà lẹ sùn mọ́jú ni?" Òun á kàn rẹ́rìn-ín, á ní òwò òun ló ń dì mọ́ òun lọ́wọ́. Ẹja dídì àti adìyẹ dídì ló ń tà, ibẹ̀ sì ni orúkọ náà ti wá. Orúkọ tí bàbá rẹ̀ sọ ọ́, àbúrò rẹ̀ obìnrin nìkan ló kù tó ń rántí rẹ̀.

Nígbà tó bẹ̀rẹ̀ òwò, kò ní fíríìsà kankan. Inú abọ́ ńlá ló ń to ẹja sí, á da yìnyín lé e, á fi àpò bò ó, á sì ti tà á tán kí oòrùn tó kan àtàrí. Díẹ̀díẹ̀ ló ra fíríìsà kan, ó ra èkejì, ọkọ rẹ̀ tó jẹ́ awakọ̀ ọkọ̀ akẹ́rù ra ẹ̀kẹta fún un, ó sì gbé jẹnẹrétọ̀ kan tẹ̀ lé e. Ọkùnrin náà fẹ́ràn jẹnẹrétọ̀ yẹn bí ẹni pé ọmọ bíbí inú rẹ̀ ni. Òun ló ń da epo sí i, òun ló ń fa okùn rẹ̀. Tó bá ti dún, á káwọ́ sẹ́yìn, á dúró tì í, á ní, "Ẹ gbọ́ bó ṣe ń ké! Ọjà tí kò bá pariwo, ta ló máa mọ̀ pé ó wà láàyè?"

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ó jẹun tán, ó ní kí òun rẹjú díẹ̀. Ojú náà kò là mọ́.

Láti ọjọ́ náà, Màmá Tútù ló ń fa okùn jẹnẹrétọ̀ fúnra rẹ̀. Nígbà tó yá, kì í dúró kí iná lọ mọ́ kó tó tàn án. Láti ìgbà tó bá ti ṣílẹ̀kùn ní kùtùkùtù títí di ìgbà tó bá fẹ́ lọ sílé lálẹ́, jẹnẹrétọ̀ ń ké. Bí iná bá tilẹ̀ dé, á ní kí ó kọ́kọ́ fìdí múlẹ̀ ná, nígbà tó bá sì fi máa fìdí múlẹ̀, ó ti lọ. Gbogbo èèyàn rò pé nítorí ẹja ni. Nítorí ẹja kọ́ o.

Nítorí òpópónà tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ni. Òpópónà náà kò gùn, àmọ́ nígbà kan rí, kò sí ṣọ́ọ̀bù tó ṣófo níbẹ̀. Màmá Tútù àti ọkùnrin tó ń ta oògùn ló wà ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ní òdìkejì wọn ni onífọ́tò wà, onígerun tẹ̀ lé e, télọ̀ sì tẹ̀ lé onígerun. Nígbà tí iná bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe ségesège tí epo sì ń gbówó lórí, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ń kógbá sílé. Onígerun ní òun kò lè gba owó irun kí òun tún gba owó epo lórí orí kan ṣoṣo. Onífọ́tò kó lọ bá ọmọ rẹ̀. Télọ̀ kò tilẹ̀ dágbére gidi, ó ní òun fẹ́ lọ kí èèyàn kan, òun ń bọ̀ lọ́túnla. Ọ̀túnla yẹn kò dé.

Ìgbà tí iná kò sí ni gbogbo wọn tilẹ̀kùn, ta ló sì máa ń rántí pa ohun tí kò tàn? Nítorí náà, nígbà tí iná bá dé, àwọn ṣọ́ọ̀bù tí ẹnikẹ́ni kò sí nínú wọn á jí. Ẹ̀rọ ìgerun tí onígerun fi kọ́ sára ìṣó á bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, á máa kùn mọ́ ògiri bí agbọ́n tó há sínú ìgò. Ìmọ́lẹ̀ pupa tí onífọ́tò fi ń fọ fọ́tò á yọ lábẹ́ ilẹ̀kùn rẹ̀, á nà gbalaja sórí ìloro. Rédíò télọ̀ ni yóò wá sọ̀rọ̀, á sì máa bẹ̀rẹ̀ láàárín gbólóhùn nígbà gbogbo, bí ẹni tó ti ń rojọ́ látàárọ̀ tí ẹ ò gbọ́. Nígbà tí iná bá tún lọ, gbogbo wọn á kú lẹ́ẹ̀kan náà. Rédíò á dákẹ́ lójijì bí ẹni tí wọ́n fọwọ́ bò lẹ́nu.

Ìdí tí Màmá Tútù fi ń tan jẹnẹrétọ̀ rè é. Ariwo rẹ̀ ń bo ohùn yẹn mọ́lẹ̀. Lẹ́yìn tí ọkọ rẹ̀ ti lọ, kò fẹ́ gbọ́ ohùn ọkùnrin tí kò rí.

Ìbẹ̀rù sì ń náni lówó. Àbúrò rẹ̀, tó ń se oúnjẹ fún àwọn ọmọ iléèwé, wá kí i lọ́jọ́ kan, ó bá a níbi tó ti ń rọ epo, ó dúró, ó ń wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú o. Ta lẹ̀ ń bá ṣòwò, ara yín ni àbí elépo?"

"Ẹja ló ń jẹ epo."

"Irọ́ ni. Ẹ ṣí fíríìsà yẹn kí n rí i."

Màmá Tútù ṣí i. Ẹja mélòó kan ló sùn sí ìsàlẹ̀ rẹ̀ bí àlejò tó dé sí ilé tó tóbi jù. Èkejì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀kẹta rí bẹ́ẹ̀.

"Afẹ́fẹ́ lẹ̀ ń fi epo mu tutù," ni àbúrò rẹ̀ wí. "Tí ọmọ kan bá wá ra orí ẹja, ẹ ṣí i. Òmíràn wá béèrè iye, ẹ tún ṣí i. Iye tí àwọn tó wà ní oríta ń tà lẹ̀yin náà ń tà, àwọn sì rèé, iná wọn kò burú tó tiyín. Ẹ wò ó, bí ẹ bá ta páálí mẹ́ta, èrè méjì ti wọ inú táńkì jẹnẹrétọ̀, èrè ìkẹta ti bá ẹja tó bàjẹ́ lọ. Kí lẹ wá mú wálé? Ọwọ́ tútù."

Ọ̀rọ̀ náà dun Màmá Tútù, nítorí òtítọ́ ni, òtítọ́ kì í sì í rọ̀ lẹ́nu àbúrò ẹni. Ó ní òun ti gbọ́. Ní ọjọ́ kejì, ó tún fa okùn jẹnẹrétọ̀.

Kò pẹ́ sí i ni epo wọ́n pátápátá. Màmá Tútù gbé kẹ́ẹ̀gì lọ sí ilé epo, ó tò títí ẹsẹ̀ fi ń ro ó, wọ́n ní ó ti tán. Ó gbé kẹ́ẹ̀gì òfìfo padà. Iná kò sí. Ó jókòó sí ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù, fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, ó gbọ́ bí òpópónà náà ṣe ń dún nígbà tí nǹkan kan kò dún níbẹ̀. Oòrùn ń ta gan-an. Òjìji ohun gbogbo ti sá sábẹ́ ohun tó ni ín. Ó ń gbọ́ bí yìnyín ṣe ń sán pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́ nínú fíríìsà lẹ́yìn rẹ̀, bó ṣe ń yọ́.

Ni ẹnì kan bá wúkọ́ ní òdìkejì.

"...gẹ́gẹ́ bí mo ṣe ń sọ fún yín," ni ohùn ọkùnrin náà wí, "ẹ má rò pé ẹni tó lọ kò gbọ́ wa."

Màmá Tútù yí ojú padà wo gílóòbù orí rẹ̀. Ó ṣókùnkùn. Ó fọwọ́ tẹ súìṣì iná lára ògiri, ó tẹ̀ ẹ́ sókè, ó tẹ̀ ẹ́ sísàlẹ̀. Òkú ni. Síbẹ̀ rédíò télọ̀ ń sọ̀rọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín pàápàá, ó ń kí àwọn arúgbó.

Ó sáré wọ ọ̀dọ̀ olóògùn. Ọkùnrin náà jókòó sẹ́yìn kántà rẹ̀, ó ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ojú.

"Ẹ̀yin náà gbọ́?"

Olóògùn kò gbójú sókè. "Ó ti pẹ́ tí mo ti ń gbọ́ ọ, màmá. Jẹnẹrétọ̀ yín ni kò jẹ́ kí ẹ gbọ́. Mo rò pé èmi nìkan ni, mi ò fẹ́ kí wọ́n ní oògùn ti yí mi lórí." Ó dìde, ó bẹ̀rẹ̀ sí í tilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ lójú ọ̀sán gangan.

Ohun tó gbé Màmá Tútù sọdá, òun gan-an kò lè sọ. Ó rí ara rẹ̀ níwájú ilẹ̀kùn télọ̀, ó fi ojú kan mọ́ ibi tí pákó rẹ̀ ti là. Inú ibẹ̀ ṣókùnkùn díẹ̀, eruku ń léfòó nínú ìlà oòrùn. Aṣọ àwọn èèyàn kún orí okùn, bí télọ̀ ṣe rán wọn tó sì fi wọ́n kọ́, gbogbo wọn sì ń mira. Ẹ̀wù tí kò ní orí ń na apá síwájú, ó ń fà á sẹ́yìn. Ṣòkòtò tí kò ní ẹsẹ̀ ń rìn níbi tó wà. Wọ́n á yí lọ, wọ́n á tún jọ yí padà sí ọ̀nà ilẹ̀kùn, bí àwọn tó ń retí àlejò.

Ọ̀kan wà láàárín wọn, ẹ̀wù aláwọ̀ aró tó gùn lápá. Èjìká òsì rẹ̀ rẹlẹ̀ ju tọ̀tún lọ.

Èèyàn kan ṣoṣo ni Màmá Tútù mọ̀ láyé tí wọ́n ń gé ẹ̀wù báyẹn fún, nítorí ọ̀pọ̀ ọdún tó fi wa ọkọ̀ akẹ́rù. Ó ti bá a sùn, ó ti bá a jí. Ó fi bàtà kan sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà télọ̀, ó sá padà.

Ẹja rẹ̀ rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Ó tà á ní owó pọ́ọ́kú kí ilẹ̀ tó ṣú, èyí tó kù, ó gbé e sọnù. Àpapọ̀ ohun tó pa láti ọ̀sẹ̀ méjì bá a lọ.

Ẹni tí kò fẹ́ kú sì gbọ́dọ̀ béèrè ohun tó ń pa á. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó lọ wá oníṣẹ́ iná àdúgbò, ọkùnrin títẹ́ẹ́rẹ́ kan tí wọ́n ń pè ní Má-fọwọ́-kàn-án, nítorí pé ọ̀rọ̀ àkọ́sọ rẹ̀ nìyẹn ní ilé gbogbo tó bá wọ̀. Màmá Tútù ṣàlàyé fún un, ó sì ń retí kó rẹ́rìn-ín. Kò rẹ́rìn-ín.

"Ẹ ní iná yín kò sí, rédíò tiwọn ń sọ̀rọ̀. Á jẹ́ pé fáànù tiwọn náà ń fẹ́."

"Mo fi ojú mi yìí rí i. Ṣé fáànù ni?"

"Àbí kí lẹ rò pé ó ń mi aṣọ?" Ó mú un jáde, ó na ọwọ́ sí òpó. "Wáyà mélòó lẹ rí lókè yẹn?"

"Mẹ́rin."

"Ọ̀kan nínú wọn kì í gbé iná wá, ó kàn jẹ́ ọ̀nà tí iná ń gbà padà sílé ni. Mẹ́ta tó kù, ọ̀kọ̀ọ̀kan ló ń gbé tirẹ̀ wá. Féèsì là ń pè wọ́n. Ẹ̀gbẹ́ tiyín yìí, orí ọ̀kan ni wọ́n so yín mọ́, ẹ̀yin àti gbogbo ilé alájà ẹ̀yìn yẹn tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ fa omi, tí wọ́n ń fi ẹ̀rọ mú yàrá tutù. Ẹrù ti pọ̀ jù fún un. Fíùsì rẹ̀ nídìí tiransifọ́mà kì í pẹ́ kó tó jó, ó sì máa ń pẹ́ kí wọ́n tó wá pààrọ̀ rẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ti télọ̀, orí òmíràn ni. Ta ló kù níbẹ̀ tó ń lo iná? Rédíò kan, fáànù kan. Kí ló máa jó o?"

Màmá Tútù wo òpó títí ọrùn fi ń dùn ún. Ìbẹ̀rù tó ti gbé mì láti àná kò lọ, àmọ́ nǹkan mìíràn wá jókòó tì í.

"Wá so mí mọ́ ti télọ̀ nígbà náà."

"Ẹ má fọwọ́ kàn án! Àwọn ọ́fíìsì iná ló láṣẹ àtiyí i. Bí gbogbo yín bá sì jọ sá lọ sórí rẹ̀, òun náà á jó. Ẹ tún jẹ́ kí n sọ fún yín: bí iná bá lọ láti òkè, gbogbo yín lẹ jọ máa wà lókùnkùn."

"Ó dáa. Bí wáyà kò bá lè wá bá fíríìsà, ṣé fíríìsà kò lè lọ bá wáyà ni?"

Má-fọwọ́-kàn-án wá rẹ́rìn-ín wàyí. Ó ní òun ti ń ṣiṣẹ́ iná láti kékeré, òun kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni rò ó báyẹn.

Ìyá Onílé ló ni ṣọ́ọ̀bù òdìkejì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òun ló sì ń san owó iná wọn. Nígbà tí Màmá Tútù béèrè nípa ti télọ̀, ìyá arúgbó náà mí kanlẹ̀. Ó ní ọkùnrin náà ti gba àìsàn lọ́nà, ẹsẹ̀ rẹ̀ kan kò gbé e mọ́, ọ̀dọ̀ ọmọ rẹ̀ ló wà, kò sì lè padà wá. Ó pè é lórí fóònù, ó sì na fóònù sí Màmá Tútù.

"Màmá Tútù?" Ohùn télọ̀ rọ̀, ó jìnnà. "Ẹ sọ òótọ́ fún mi. Ṣé rédíò mi ṣì ń sọ̀rọ̀?"

"Ó ń sọ̀rọ̀."

Màmá Tútù ń gbọ́ èémí rẹ̀. "Mo ní kó máa bá mi ṣọ́lé ni. Ẹ gba ṣọ́ọ̀bù náà, mo fara mọ́ ọn. Àmọ́ ẹ má pa á. Bí mo bá ti mọ̀ pé ó ń sọ̀rọ̀ níbẹ̀, ó dà bí ẹni pé mo wà níbẹ̀. Ẹ tún wo inú àwọn aṣọ yẹn. Ẹ̀wù ọkọ yín wà níbẹ̀. Ó wá wọn ara rẹ̀ lọ́dọ̀ mi ní ọ̀sẹ̀ tó ṣáájú ikú rẹ̀. Ọjọ́ tí mo rán an tán ni wọ́n ní ó ti kú. Mi ò mọ ẹnu tí mo fẹ́ fi gbé e fún yín."

Ìyá Onílé kò lè rìn tó bẹ́ẹ̀, ó kàn fún un ní kọ́kọ́rọ́ ni. Màmá Tútù nìkan ló wọlé. Fáànù ń yí, àwọn aṣọ ń lọ, wọ́n ń bọ̀, rédíò ń ka ìròyìn fún wọn. Aṣọ kan tí wọ́n rán dé ìdajì ṣì wà lábẹ́ abẹ́rẹ́ máṣíìnì, abẹ́rẹ́ ti wọ inú rẹ̀, kò tíì jáde. Ó la àárín àwọn ẹ̀wù náà kọjá. Wọ́n ń fọwọ́ kàn án ní ojú, ní ọrùn, ní ẹ̀yìn, jẹ́jẹ́jẹ́. Nígbà tó di ẹ̀wù aláwọ̀ aró náà mú, ó lọ́ wọ́ọ́rọ́ bí èyí tí èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sílẹ̀. Páànù òrùlé ló mú un gbóná. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀. Síbẹ̀ ó gbé e mọ́ àyà títí ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì fi gbóná, ohun tí kò ṣẹlẹ̀ sí i láti ọdún mélòó kan.

Àwọn aṣọ yòókù, òun àti àbúrò rẹ̀ ló fi wọ́n ránṣẹ́ sí àwọn tó ni wọ́n. Lẹ́yìn náà ni iṣẹ́ gidi bẹ̀rẹ̀.

Ó ta fíríìsà tó gbó jù, èyí tó máa ń kùn lọ́sàn-án lóru láìmú nǹkan kan dì dáadáa, owó rẹ̀ ló fi gba ṣọ́ọ̀bù télọ̀. Má-fọwọ́-kàn-án bá a lọ sí ọ́fíìsì iná, wọ́n wá gbé mítà tirẹ̀ fún un, kí Ìyá Onílé má bàa máa sanwó òtútù ẹlòmíì. Ó fi fíríìsà kan sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀, ó gbé èkejì lọ sábẹ́ féèsì kejì. Ibi tí ẹja kò bá kún, ó fi ìgò omi oníyọ̀ dí i, nítorí fíríìsà tó kún ń pa òtútù rẹ̀ mọ́ ju èyí tó ṣófo lọ. Bí iná bá lọ ní ẹ̀gbẹ́ kan, á kó ìgò tó ti dì láti ìhín sọdá lọ sí ọ̀hún, á sì gbé ìgò tó yọ́ padà wá kó tún dì. Bí iná bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé, kì í tètè tan fíríìsà. Á jẹ́ kí iná náà balẹ̀ ná, kó má bàa jó ẹ̀rọ.

Ó yí àkókò padà. Kùtùkùtù títí di ìyálẹ̀ta ló ń tà. Tí oòrùn bá ti múná, á tilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí fíríìsà lọ́sàn-án, ìbáà jẹ́ ọba. Á tún ṣí nírọ̀lẹ́ fúngbà díẹ̀. Ó kọ ọ́ sára pátákó gàdàgbà. Kì í tún ra ẹja jọ mọ́. Díẹ̀díẹ̀ ló ń rà á, lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀. Àwọn olóúnjẹ tó ń rà púpọ̀ ní láti sanwó sílẹ̀ kí ọkọ̀ ẹja tó dé. Bí ọkọ̀ bá ti dé, láti orí ọkọ̀ ni ẹja wọn ti ń bá wọn lọ, iye tiwọn sì dínkù. Ẹni tó bá fẹ́ rà níwọ̀n nínú fíríìsà, owó tirẹ̀ lé sí i.

Obìnrin kan tó ń ta oúnjẹ ní ìkòríta bínú lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbọ́. "Ẹja kan náà, iye méjì? Irú ìyànjẹ wo nìyí?"

"Ìyá mi, ẹja tí ẹ bá gbà lórí ọkọ̀ kò sùn lọ́dọ̀ mi," ni Màmá Tútù wí. "Èyí tó bá sùn ló ń sanwó ilé."

Obìnrin náà pòṣé, ó lọ. Kò ju ọ̀sẹ̀ kan lọ tó fi padà wá sanwó sílẹ̀.

Èyí tó bá yọ́, kì í dá a padà sínú yìnyín. Ẹja tó bá yọ́ tó tún dì, àìsàn ló ń tà fún èèyàn. Kó tó rọ̀ jù, á ti gbé e lọ sẹ́yìnkùlé, á yan án gbẹ lórí iná igi, á tà á ní iye tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ní ti jẹnẹrétọ̀, ìgbà tí féèsì méjèèjì bá ti kú láti àná nìkan ló ń tàn án, kò sì ń jẹ́ kó pẹ́ ju ìgbà tí yìnyín bá tún le lọ.

Ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ kò dùn. Àwọn oníbàárà alẹ́ yà lọ sí oríta. Ọ̀sán sì wà, ọ̀sán gígùn tí ilẹ̀kùn wà ní títì, tí ohunkóhun kò dún ní ẹ̀gbẹ́ tirẹ̀, tí ọkùnrin inú rédíò ń sọ̀rọ̀ ní òdìkejì. Ó máa ń jókòó sínú òkùnkùn ṣọ́ọ̀bù, á fi ẹ̀yìn ti fíríìsà tí kò mí. Nígbà mìíràn, ó máa ń dà bí ẹni pé ẹnì kan jókòó tì í, tí ó ń gbọ́ rédíò náà pẹ̀lú rẹ̀. Kì í bojú wo ẹ̀gbẹ́. Nígbà tó yá, kò bẹ̀rù mọ́, ó kàn máa ń fi àyè sílẹ̀ díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì.

Lẹ́yìn náà ni tiransifọ́mà jó. Gbogbo àdúgbò dúdú láti òpin dé òpin, kò sí féèsì tó yọ, epo sì tún wọ́n. Ní oríta, àwọn tó to ẹja kún fíríìsà mẹ́rin mẹ́rin ń sunkún. Òórùn rẹ̀ dé ibi gbogbo, ajá àdúgbò kan kò sùn. Màmá Tútù wo ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èyí tó pọ̀ jù ti bá àwọn olóúnjẹ lọ lórí ọkọ̀. Díẹ̀ ló kù, ó kó o pọ̀ sínú fíríìsà kan pẹ̀lú ìgò yìnyín, ó fi àpò bo orí rẹ̀, kò sì ṣí i lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ kejì ó ṣí i lẹ́ẹ̀kan, ó tà á fún àwọn tó ti ń dúró láti òwúrọ̀ nítorí kò sí ẹja mọ́ níbòmíì. Kò fi kún iye rẹ̀. Àbúrò rẹ̀ ní kó fi kún un, ó kọ̀, ó ní ẹni tí wọ́n bá fún lọ́rùn nígbà òkùnkùn kì í padà wá nígbà ìmọ́lẹ̀. Èyí tó kù, ó yan án.

Nígbà tí wọ́n fi tún tiransifọ́mà ṣe, méjì nínú àwọn ẹlẹ́ja oríta ti tilẹ̀kùn. Oníbàárà wọn ń bọ̀ lọ́dọ̀ Màmá Tútù, wọ́n sì ń bọ̀ ní àkókò tó kọ sára pátákó. Olóògùn náà wá bá a, ó fi ìtìjú béèrè bóyá òun lè máa gba ìgò yìnyín díẹ̀ fún àpótí àwọn oògùn tí kò gbọ́dọ̀ gbóná. Ó bá a dá iye lé e.

Àwọn ará ọ́fíìsì iná tún padà wá ní ìgbà òjò, wọ́n gun òpó, wọ́n pín ẹrù àwọn wáyà náà bó ṣe yẹ, wọ́n lọ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ Màmá Tútù bẹ̀rẹ̀ sí í ní iná nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbẹ́ kejì sì ń dákẹ́ fún wákàtí gígùn. Ó kíyè sí i fún bí ọ̀sẹ̀ kan. Lẹ́yìn náà ló gbé pátákó rẹ̀ sílẹ̀, ó nu ojú rẹ̀, ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ àkókò mìíràn sí i, ó sì ké sí àbúrò rẹ̀ kó wá bá òun gbé apá kan fíríìsà ọ̀dọ̀ télọ̀ padà sọdá.